Owó tó kọjá ètò: bí a ṣe ń tú ìyàtọ̀ ìṣúná oṣù palẹ̀ fún àwọn olùdarí

Ní ìparí oṣù, ilé iṣẹ́ tó ní ètò ìṣúná máa ń gbé iye méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: iye tí wọ́n ní àwọn máa ná, àti iye tí wọ́n ná gan-an. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni ìyàtọ̀. Ìyọkúrò lásán ni, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni ìgbà tí àwọn olùdarí bá béèrè ìdí tí owó fi kọjá, tí wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá oṣù tó ń bọ̀ náà yóò rí bẹ́ẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ìdáhùn kan ló kún inú ìjábọ̀ owó láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun yòówù tó bá kọjá ètò, wọ́n á ní «ọjà ti wọ́n». Ọjà wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tú iye kan palẹ̀ dáadáa yóò rí i pé ọ̀wọ́n ọjà sábà máa ń jẹ́ apá kan péré nínú owó tó kọjá, nígbà mìíràn apá tó kéré jù. Ìyókù ń fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ìyókù yẹn sì ni èyí tí ilé iṣẹ́ ní agbára láti dá dúró.

Ẹ jẹ́ ká mú békìrì kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. A yan àwọn iye inú rẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn, nítorí náà ọ̀nà tí a gbà ṣe é ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe iye owó. Ètò oṣù Kẹsàn-án ní kí wọ́n ṣe búrẹ́dì 40,000. Àpò fúláwà kan tó jẹ́ 50 kílò ń fún wọn ní búrẹ́dì 100, nítorí náà wọ́n ṣètò àpò 400 ní 60,000 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ mílíọ̀nù 24. Fún jẹnẹrétọ̀, wọ́n ṣètò 3,000 lítà dísẹ́ẹ̀lì ní 1,100 náírà, àpapọ̀ 3,300,000. Nígbà tí oṣù parí, léjà fi hàn pé fúláwà gba 28,520,000, dísẹ́ẹ̀lì sì gba 4,620,000. Owó tó kọjá lórí méjèèjì jẹ́ 5,840,000. Bí wọ́n bá gbé iye yìí lọ síwájú àwọn olùdarí báyìí, ariwo ni wọn yóò bá bọ̀.

Kí a tó ṣàlàyé iye kan, ká mọ̀ bóyá ó tọ̀nà

Dísẹ́ẹ̀lì ni ká kọ́kọ́ wò, torí òun ló dà bí ẹni pé ó burú jù. Ó fi 1,320,000 kọjá ètò, èyí tó jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá yára kọ ìdáhùn yóò kọ ọ́ pé iná ọba kò sí, tàbí pé dísẹ́ẹ̀lì gbówó lórí. Bẹ́ẹ̀, iye tí wọ́n ra lítà kan kò kúrò ní 1,100 tí wọ́n ṣètò. A jẹ́ pé iye lítà ló pọ̀: 4,200 lítà dípò 3,000.

Ohun tí léjà kọ sílẹ̀ ni ohun tí wọ́n rà tí ínfọ́ìsì rẹ̀ wọlé láàárín oṣù. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ohun tí jẹnẹrétọ̀ jó. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn ínfọ́ìsì kalẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí awakọ̀ ọkọ̀ epo buwọ́ lù, wọ́n rí i pé 700 lítà nínú rẹ̀ ni wọ́n já ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, àmọ́ tí ínfọ́ìsì rẹ̀ dé ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà tí ìwé dé ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọn kò wo ọjọ́ tí epo wọ inú táǹkì. Ìyẹn ni pé 3,500 lítà péré ni wọ́n rà nínú oṣù Kẹsàn-án fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lọ wo ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n táǹkì. Ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ, 400 lítà ló wà nínú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, 700 lítà ló kù. Ohun tí jẹnẹrétọ̀ jó nígbà náà ni 400 tó wà nílẹ̀, pẹ̀lú 3,500 tí wọ́n rà, ká yọ 700 tó ṣẹ́kù kúrò: 3,200 lítà. Ní 1,100 náírà, owó rẹ̀ jẹ́ 3,520,000. Ohun tó kọjá ètò lóòótọ́ jẹ́ 220,000 náírà, kò sún mọ́ 1,320,000. Nínú 1,100,000 tó pòórá yẹn, 330,000 jẹ́ ti 300 lítà tí wọ́n jó nínú oṣù Kẹjọ, 770,000 sì jẹ́ ti epo tó ṣì wà nínú táǹkì.

Apá kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbójú fò. Bí 330,000 náírà kò bá jẹ́ ti oṣù Kẹsàn-án, a jẹ́ pé ìjábọ̀ oṣù Kẹjọ tí àwọn olùdarí ti rí dára ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ẹnu ara yín, nínú gbólóhùn kan: «Owó dísẹ́ẹ̀lì tí a fi hàn yín ní oṣù Kẹjọ fi 330,000 náírà kéré, nítorí ínfọ́ìsì kan pẹ́ kó tó dé, a ti tún un ṣe.» Tí ẹ bá dákẹ́, tí olùdarí kan sì fúnra rẹ̀ rí i, kò ní gba ìjábọ̀ míì gbọ́ láìbéèrè ẹ̀rí.

Bí a ṣe ń dènà àṣìṣe yìí kò le. Kí a tó ti ìwé oṣù pa, kí ẹni tó ń bójú tó sítọ́ọ̀ mú gbogbo ìwé ọjà tó wọlé wá, kí wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ínfọ́ìsì tó ti wọ léjà. Ọjà tó bá ti wọlé tí ínfọ́ìsì rẹ̀ kò tíì dé, kí wọ́n ṣírò iye rẹ̀ láti inú ìwé tí wọ́n fi pàṣẹ rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sí oṣù náà gẹ́gẹ́ bí gbèsè tí a jẹ. Ìdàkejì rẹ̀ náà wà: owó ìbánigbófò ọdún kan tí wọ́n san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ wọ oṣù kan pátá, ìdá méjìlá rẹ̀ ni kó wọ oṣù kọ̀ọ̀kan.

Ní ti 220,000 tó kù, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ńlá ní aago kékeré kan lára tó ń ka wákàtí tí ó ti ṣiṣẹ́. Ká ní aago náà fi 160 wákàtí kún un láàárín oṣù, 3,200 lítà pín sí 160 jẹ́ 20 lítà ní wákàtí kan. Bí oṣù mẹ́ta tó ṣáájú náà bá jẹ́ nǹkan bíi 20, ẹ̀rọ kò ní wàhálà, kò sì sí ẹni tó ń fa epo. Wákàtí tí iná kò sí ló pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá fò láti 20 sí 25 tí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń gbé kò yí padà, ẹ pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, kí ẹ sì wo ta ló ní kọ́kọ́rọ́ táǹkì. Ẹ wo ìlà owó iná mànàmáná pẹ̀lú rẹ̀ nígbà kan náà. Láti oṣù Kẹrin 2024, tí àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná fọwọ́ sí i kí àwọn tó wà ní Báǹdì A máa san 225 náírà lórí yúníìtì kan nígbà náà, owó tí ilé iṣẹ́ kan dín kù lórí dísẹ́ẹ̀lì lè jáde padà lórí bíìlì iná. Ẹni tó bá wo ìlà kan ṣoṣo lè yọ̀ tàbí kó bínú lórí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Fúláwà: ìyàtọ̀ kan, ìdí mẹ́ta

Fúláwà fi 4,520,000 náírà kọjá ètò. Wọ́n ti ka sítọ́ọ̀, wọ́n ti wo ínfọ́ìsì, iye náà dúró. Ibí ni iṣẹ́ gidi wà.

Ohun àkọ́kọ́ tí a máa béèrè ni iye búrẹ́dì tí wọ́n ṣe. Ètò ní 40,000. 44,000 ni wọ́n ṣe. Ètò tí wọ́n kọ fún 40,000 kò ní ohun gidi láti sọ nípa owó fúláwà fún 44,000. Bí ẹ bá ní kí ìyàwó ilé fi 10,000 náírà se oúnjẹ fún ènìyàn mẹ́wàá, tí mẹ́rìnlá wá jókòó, ẹ kò lè pè é ní onínàákúnàá torí pé ó ná 14,000. Nítorí náà a máa ń tún ètò ṣírò fún iye iṣẹ́ tí a ṣe gan-an: búrẹ́dì 44,000, ní 100 lórí àpò kan, yẹ kó gba àpò 440. Àpò 40 tó lé yìí, ní 60,000, jẹ́ 2,400,000 náírà. Ìyàtọ̀ yìí wá láti ara iṣẹ́ tó pọ̀.

Ohun kejì ni iye àpò tí wọ́n lò gan-an. Sítọ́ọ̀ ní àpò 460 ló jáde, bẹ́ẹ̀ 440 ló yẹ. Ogún àpò ló lé, ní 60,000, ó jẹ́ 1,200,000. Èyí ni ìyàtọ̀ ìlò.

Ohun kẹta ni iye owó àpò kan. Wọ́n ra á ní 62,000 dípò 60,000. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà lórí àpò 460 jẹ́ 920,000. Èyí nìkan ni «ọjà ti wọ́n».

Ẹ ro wọ́n pọ̀: 2,400,000, 1,200,000 àti 920,000 jẹ́ 4,520,000, gẹ́lẹ́ iye tí léjà sọ. Bí wọn kò bá ro pọ̀ mọ́ ọn, àṣìṣe wà níbì kan, ẹ má gbé e síwájú ẹnikẹ́ni. Nínú tábìlì Excel, ẹ fi àpò inú ètò sí B2, àpò tó yẹ fún iṣẹ́ tí ẹ ṣe sí B3, àpò tí ẹ lò sí B4, iye owó inú ètò sí B5, iye tí ẹ rà á sí B6. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò fún yín ní iṣẹ́, ìlò àti iye owó. Ìlà kẹrin ni àpapọ̀ tí ẹ máa fi yẹ̀ wọ́n wò.

```
=(B3-B2)*B5
=(B4-B3)*B5
=(B6-B5)*B4
=B4*B6-B2*B5
```

Ẹ kíyè sí i pé iye owó inú ètò la fi ṣírò iṣẹ́ àti ìlò, tí a sì fi iye àpò tí a lò gan-an ṣírò ọ̀wọ́n. Bí ẹ bá dà wọ́n rú, tí ẹ lo 62,000 níbi tí 60,000 yẹ kó wà, ẹ ó ka apá kan ọ̀wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ní báyìí, iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò dọ́gba lójú olùdarí rárá. Iṣẹ́ tó pọ̀ kì í ṣe àdánù bí wọ́n bá ta búrẹ́dì náà. Ní 1,200 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, 4,000 búrẹ́dì mú 4,800,000 wọlé, fúláwà rẹ̀ sì gba 2,400,000. Gbogbo ìyókù kọ́ ni èrè, nítorí ṣúgà, yíìsì, bọ́tà àti náìlọ́ọ̀nù ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yẹ kó bínú sí owó yẹn. Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò ni bóyá wọ́n tà á lóòótọ́. Búrẹ́dì tí àwọn alátagbà dá padà nítorí pé ó ti gbó ti jẹ fúláwà, kò sì mú owó wọlé. Nítorí náà, iye tí wọ́n yan ni a fi ń ṣírò fúláwà, àmọ́ iye tí wọ́n tà ni a fi ń sọ̀rọ̀ owó tó wọlé.

Ìyàtọ̀ ọ̀wọ́n ní ẹ̀tàn kékeré kan tirẹ̀. Kí ẹ tó gbà pé 62,000 wọ́n ju 60,000 lọ, ẹ rí i dájú pé ohun kan náà ni ẹ ń fi wéra. Bí ètò bá ka owó ọkọ̀ mọ́ 60,000, tí ẹni tó ń rajà wá ń kọ owó ọkọ̀ láti Èkó sí ìlà ìrìnnà, ọ̀wọ́n fúláwà ju bí ẹ ṣe rò lọ, ìlà ìrìnnà yóò sì kọjá ètò láìnídìí.

Ogún àpò náà

Ìyàtọ̀ ìlò ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù, nítorí òun ni wọ́n sábà máa ń gbé wọ aṣọ ọ̀wọ́n. Nínú báńkì kò sí i, nínú ínfọ́ìsì kò sí i. Ẹni tó bá fi owó wé owó nìkan kò ní rí i láé. Ìgbà tí a bá ka àpò, tí a sì ka búrẹ́dì, ló máa ń yọ.

Ogún àpò jẹ́ 1,000 kílò fúláwà. Ẹ pín in sórí búrẹ́dì 44,000, ó jẹ́ nǹkan bíi 23 gíráàmù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye tíńtín yìí ló ń tọ́ka sí ibi tó yẹ ká kọ́kọ́ wò. Bí àpò 50 kílò bá ń di 80 kílò nígbà tí wọ́n bá po omi àti ìyókù mọ́ ọn, ìṣù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gé fún búrẹ́dì kan yẹ kó wọn 800 gíráàmù. Gíráàmù 23 fúláwà á di nǹkan bíi 36 gíráàmù lára ìṣù. Nítorí náà, kí ẹnì kan lọ síbi tí wọ́n ti ń gé e, kó wọn ìṣù 20 láìyàn, ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Bí wọ́n bá ń jẹ́ nǹkan bíi 835, ìdáhùn ti wá: òṣùwọ̀n ti yẹ̀ tàbí ọwọ́ agégé ti le jù, ilé iṣẹ́ sì ń fún oníbàárà ní fúláwà ọ̀fẹ́ láìmọ̀. Òṣìṣẹ́ kan lè ṣàtúnṣe rẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Bí ìṣù bá jẹ́ 800 gẹ́lẹ́, ó ku ọ̀nà mẹ́ta. Ó lè jẹ́ pé búrẹ́dì jóná tàbí kó wú jù nígbà tí iná lọ, tí wọ́n dà á nù tí wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí máa ń hàn tí ẹ bá to ìlò sí ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan péré ni yóò yọrí. Ó lè jẹ́ pé àpò ń jáde lẹ́nu ọ̀nà. Irú èyí sábà máa ń hàn díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, tàbí kó bọ́ sí ìgbà iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣáá. Ó sì lè jẹ́ pé àṣìṣe ni kíkà sítọ́ọ̀, pé àpò ogún wà lẹ́yìn ògiri tí ẹnikẹ́ni kò kà. Ẹ tún un kà ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ẹni tí kì í ṣe olùtọ́jú sítọ́ọ̀.

Títí ẹ ó fi ní ẹ̀rí, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ olè sínú ìjábọ̀. Ìwé tó ń lọ síwájú ìgbìmọ̀ olùdarí kì í sọnù, orúkọ ènìyàn tí ẹ bà jẹ́ níbẹ̀ kò ní rọrùn láti fọ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀: ogún àpò kò ní àlàyé, a ti wọn ìṣù, a ti tún sítọ́ọ̀ kà, ohun báyìí là ń wò lọ́wọ́.

Ohun tó wọ inú ìwé olùdarí

Olùdarí kò nílò gbogbo ìṣirò yìí. Ojú ìwé kan tó: ìlà kọ̀ọ̀kan, ètò oṣù, iye tí a ná, ìyàtọ̀ ní náírà àti ní ìdá ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn náà àpapọ̀ láti oṣù Kìíní, àti iye tí a rò pé ọdún yóò parí sí. Ẹ má lo àmì ìyọkúrò fún ohun méjì. Ìyàtọ̀ 500,000 lórí owó tó wọlé dára, 500,000 lórí ìnáwó kò dára. Bí ẹ bá kọ méjèèjì bákan náà, ẹni tó ń kà á yóò ṣì í gbọ́. Ẹ kọ «ó fi kún èrè» tàbí «ó dín èrè kù» sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó tán.

Kì í ṣe gbogbo ìlà ni ẹ máa ṣàlàyé. Ìwé àti bírò tó gba 35,000 dípò 20,000 fi ìdá 75 kọjá, síbẹ̀ kò tó ohun tí à ń pe ìgbìmọ̀ sí. Fúláwà tó fi ìdá 3 kọjá ti lé ní 700,000. Nítorí náà ìdá ọgọ́rùn-ún nìkan kò tó. Ẹ jọ fẹnu kò pẹ̀lú àwọn olùdarí lórí iye náírà kan, bíi 500,000 fún békìrì tó tó báyìí. Ohun tó bá kọjá iye náà ní àlàyé. Èyí tí kò tó o, àmọ́ tó kọjá ètò ní oṣù mẹ́ta léraléra, gba àlàyé pẹ̀lú.

Àlàyé fúnra rẹ̀ ni ibi tí ìjábọ̀ ti ń kú. Irú èyí pọ̀: «Owó fúláwà kọjá ètò nítorí pé a ra fúláwà ju bí a ṣe ṣètò lọ, ọjà sì wọ́n.» Kò sọ ohunkóhun tí tábìlì kò ti sọ. Ẹ fi í wé èyí:

«Fúláwà fi 4,520,000 kọjá ètò. 2,400,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti búrẹ́dì 4,000 tí a ṣe lé ètò, a sì ti tà wọ́n. 920,000 jẹ́ ti ọ̀wọ́n: àpò lọ sí 62,000 láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, a kò retí kó padà sílẹ̀ lọ́dún yìí. 1,200,000 jẹ́ ti àpò 20 tí a lò ju bó ṣe yẹ. A rí i pé ìṣù ń wọn 835 gíráàmù dípò 800, a ti tún òṣùwọ̀n ṣe ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá. A ń béèrè kí ìgbìmọ̀ pinnu bóyá a ó fi kún owó búrẹ́dì.»

Ẹni tó ka èyí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó ti parí, ohun tó ń bá a lọ, àti ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì wo bí ìpinnu náà ṣe wá rọrùn: 2,000 náírà lórí àpò kan tó ń ṣe búrẹ́dì 100 jẹ́ 20 náírà lórí búrẹ́dì kan. Bí wọ́n bá ti gbà pé gbogbo 4,520,000 jẹ́ ọ̀wọ́n, wọn ìbá pín in sórí búrẹ́dì 44,000, wọn ìbá fi nǹkan bíi 100 náírà kún owó búrẹ́dì, wọn ìbá sì lé oníbàárà lọ nítorí òṣùwọ̀n tó yẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni àwọn olùdarí sábà máa ń béèrè tí ìwé kì í dáhùn: ta ló fọwọ́ sí i, àti ìgbà wo ni ẹ mọ̀? Ẹ mú ìwé àṣẹ rírà tó kọ́kọ́ gbé 62,000 lọ́wọ́, ẹ mọ ọjọ́ rẹ̀ àti ẹni tó buwọ́ lù ú. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù ni ọ̀wọ́n dé, tí ó sì jẹ́ ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá àgbà kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi ìyẹn, ọjà kọ́. Irú ọ̀rọ̀ tó ju iye tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí lọ, kí ẹ lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ mọ̀ ọ́n.

«Ọ̀rọ̀ àsìkò ni»

Àlàyé kan wà tí wọ́n ń lò ju gbogbo ìyókù lọ lẹ́yìn ọ̀wọ́n. Wọ́n á ní owó náà kò pọ̀ jù, ó kàn yá wọlé ni. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Bí ètò bá fi 600,000 fún títún ààrò ṣe sí oṣù Kọkànlá, tí ààrò sì bàjẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án, oṣù Kẹsàn-án yóò fi 600,000 kọjá, oṣù Kọkànlá yóò sì fi 600,000 kéré. Ọdún kò yí padà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ oṣù tí owó náà yóò padà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí oṣù Kọkànlá bá dé tí wọ́n tún ná 600,000 míì sórí ààrò, irọ́ ni àlàyé àkọ́kọ́, kódà bí ẹni tó sọ ọ́ kò mọ̀ọ́mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìlà «iye tí ọdún yóò parí sí» fi ṣe pàtàkì ju ìlà oṣù lọ. Ẹ má fọwọ́ kan ètò àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ìrètí tuntun ní ìlà tirẹ̀. Bí fúláwà bá dúró sí 62,000, tí wọ́n sì ń lo àpò 440 lóṣù, ọ̀wọ́n nìkan yóò gba 880,000 lóṣù, 2,640,000 láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá. Bí wọn kò bá tún òṣùwọ̀n ṣe, àpò ogún lóṣù, ní 62,000, yóò tún gba 3,720,000 lórí ìyẹn. Tí àwọn olùdarí bá rí iye méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò ní béèrè mọ́ bóyá ó yẹ kí wọ́n ra òṣùwọ̀n tuntun.

Ìjábọ̀ oṣù Kẹwàá ló sì máa sọ bóyá àlàyé oṣù Kẹsàn-án tọ̀nà. Kí ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ nípa àpò fúláwà. Bí wọ́n bá tún ṣe búrẹ́dì 44,000, tí àpò tó jáde sì sún mọ́ 440, òṣùwọ̀n ni lóòótọ́. Bí ó bá ṣì jẹ́ 460, nǹkan míì ń jẹ fúláwà, ìwádìí kò tíì parí. Bí ó bá wá já sí 420, ẹ má yọ̀: kò sí békìrì tó ń fi àpò 420 yan 44,000 ìṣù oní-800 gíráàmù. Kíkà ìparí oṣù Kẹsàn-án ni kò pé, àpò ogún yẹn wà nínú sítọ́ọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń wá a, ẹ sì níláti padà sọ fún ìgbìmọ̀ pé 1,200,000 tí ẹ kà sí àdánù kò sọnù.